Oorun Tí Ṣéhù Kò Sùn

Bí èèyàn bá gba Ṣàpọ́n kọjá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tó gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bébà àti báírò, yóò rí ilé alájà kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé náà jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ gùn ún. Theophilus Ṣónúbì kò fẹnu kà á rí, orúnkún rẹ̀ ló ń bá a kà á láràárọ̀, bó bá sì ti ku mẹ́fà, orúnkún ọ̀tún á ní kí tòsì máa bá iṣẹ́ lọ.

Tísà Theo ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ Igbein ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà látọ̀dọ̀ baba baba rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá àbúrò bàbá rẹ̀ gbé ní Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì ibodè fún ọdún méjì, ibẹ̀ ló sì ti kó Faransé bọ̀ bí ẹni kó yangan. Wọ́n ní bó ṣe ń bọ̀ wálé, àwọn aṣọ́bodè dìde dúró fún un, wọ́n ṣe bí ẹni tó ti Páríìsì dé ni. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, máa ń sọ pé Faransé ló fi ń lálàá, pé bó bá sì ń bínú lójú oorun, òun kì í lè dá a lóhùn.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ní èdè náà, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ fún òbí pé ọmọ rẹ̀ ń kọ́ Faransé, òbí á béèrè ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ ní Ìtòkò. Ohun tó sì mú orúkọ Tísà Theo dún jùlọ ni ìlà méjì tó máa ń fà sára pátákó. Àwọn Faransé ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ròyìn ohun tó ti kọjá. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní imparfait, òun ni wọ́n fi ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́, tàbí ohun tí èèyàn máa ń ṣe. Wọ́n ń pe èkejì ní passé composé, òun ni wọ́n fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí. Sábẹ́ ti àkọ́kọ́, Tísà Theo á kọ “was” pẹ̀lú “-ing”. Sábẹ́ ìkejì, á kọ “have”. Ó parí. Àwọn ọmọ fi í ṣe orin, wọ́n ń kọ ọ́ délé, àwọn mìíràn tí wọ́n ti di bàbá ọmọ ṣì ń kọ ọ́ nílé ìwẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ kò gbà á láti jókòó sílé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ilé dákẹ́ jù. Ó wá lọ bá Haleemah, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ọmọ Kemta, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lórí àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì yẹn. Haleemah fún un ní àga àti igun kan lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn tó bá ní ìwé láti Kútọ̀nù tàbí Lómé á gbé e wá, Tísà Theo á túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Haleemah á tẹ̀ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Tísà á gbé ìwé sókè, á ka gbólóhùn kan, á sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde, Haleemah á tẹ̀ ẹ́. Ó di gbólóhùn kejì. Kì í kọ́kọ́ ka ìwé já, bẹ́ẹ̀ ni kì í padà sẹ́yìn. Haleemah bi í léèrè rí, Tísà ní ẹni tó bá ń wẹ̀yìn wò ní gbogbo ìgbà kì í tètè dé oko. Bí ìwé bá ti tán, á fọwọ́ sí i, á gbé òǹtẹ̀ lé e, ó parí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ dé. Láti àárọ̀ ni kò ti sí iná, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké ní ìsàlẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Tísà Theo ti túmọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí mẹ́rin, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ wà létí àpò pé òun fẹ́ máa lọ. Obìnrin kan sì gorí àtẹ̀gùn dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Bùsírátù ni, ará àdúgbò Haleemah ní Kemta, ìyàwó Ṣéhù awakọ̀ akẹ́rù.

“Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Kú ìrọ́jú, ìyá Tawheed. Jókòó kí o mí ná. Àtẹ̀gùn yìí kì í mọ ẹni.”

“Ìjókòó kò sí, Tísà. Wọ́n fẹ́ lé bàbá Tawheed kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀la ni wọ́n ní kó wá gba ìwé ìlékúrò.” Ó na ìwé kan síwájú. “Nítorí ìwé tí ẹ kọ yìí.”

Tísà Theo mọ ìwé náà. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣe é. Olè jí ìdì aṣọ méjì nínú ọkọ̀ Ṣéhù ní Kútọ̀nù, Ṣéhù sì ròyìn fún ọlọ́pàá ibẹ̀. Akọ̀wé ọlọ́pàá náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó gbọ́ ọ ní Yorùbá, ó kọ ọ́ ní Faransé. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tí Ṣéhù ń bá ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Lafẹ́nwá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọ̀gá wọn.

“Kí ni ìwé mi ṣe?”

“Wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀ pé ọkọ mi ń sùn nígbà tí wọ́n ń jí ẹrù. Òfin wọn sì ni pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ sùn kí ẹ̀ṣọ́ òru tó dé. Tísà, Ṣéhù kò sùn! Ó fi Kùránì búra fún mi.”

Inú Tísà kò dùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé òun ṣe àṣìṣe. Ó ní, “Ìyá Tawheed, ohun tó wà nínú Faransé ni mo kọ. Ta ni awakọ̀ tí kì í sùn? Bó bá sùn, kó sọ pé òun sùn.”

Omi lé ròrò sí Bùsírátù lójú, ó kàn ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Haleemah ló sọ̀rọ̀. Ó ti gba ìwé náà, ó ń kà á.

“Bàbá, ẹ má bínú o. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mi ò kà á. Ẹ wò ó. Níbí, ó ní òun ń jẹun, lẹ́yìn náà òun ń sùn nínú iwájú ọkọ̀. Nísàlẹ̀, ó ní òun ń jẹun ni òun gbọ́ ariwo. Bó bá ti jẹun tán, tó sì ti sùn, báwo ló ṣe tún ń jẹun nígbà tó gbọ́ ariwo?”

“Wọ́n ní irọ́ ló ń pa,” ni Bùsírátù wí. “Wọ́n ní ẹni tó purọ́ lórí oorun, ó lè purọ́ lórí ẹrù.”

“Ìyẹn náà ni mo rò,” ni Tísà wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. “Mo ṣe bí ọkùnrin náà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni.”

“Ṣé ẹ rò ó, ẹ sì tẹ̀ síwájú?”

“Haleemah, má bá mi jà. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Ó rẹ èmi náà, Bàbá. Ṣéhù tí wọ́n fẹ́ lé ńkọ́?”

Ṣéhù fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ojú ń tì í láti gòkè. Bùsírátù yọjú lójú fèrèsé pè é. Ọkùnrin gíga, ejìká bí ilẹ̀kùn, àmọ́ bó ṣe wọlé yẹn, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti gé e kúrú. Ó dọ̀bálẹ̀. Tísà ní kó dìde.

“Ṣéhù, bí o ṣe sọ ọ́ fún akọ̀wé yẹn ní Kútọ̀nù, sọ ọ́ fún mi. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀.”

Ṣéhù wo ilẹ̀. “Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń rin ọ̀nà yẹn, Tísà. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé ọkọ̀ síwájú àgọ́ ọlọ́pàá, màá jẹun, lẹ́yìn náà màá lọ sùn sí iwájú ọkọ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń jẹun lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ariwo. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sáré, mo rí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń sọ ìdì kalẹ̀. Mo kígbe. Wọ́n gbé ìdì méjì sá lọ.”

Haleemah gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Máa ń,” ló wí. “Bàbá, ‘máa ń’ ló ń sọ. Kì í ṣe ‘ń’.”

Tísà Theo nawọ́ gba Faransé náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní igun yẹn, ó ka ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìla ẹnu. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.

*Le soir, je garais le camion devant le poste, je mangeais, puis je dormais dans la cabine. Ce soir-là, je mangeais quand j’ai entendu un bruit.*

Ó wà níbẹ̀ gbangba, bí egbò iwájú orí. “Le soir”, ìyẹn ni gbogbo ìrọ̀lẹ́, ohun tí ọkùnrin náà máa ń ṣe. “Ce soir-là”, ìyẹn ni ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí olè wá. Akọ̀wé Kútọ̀nù kò ṣì í. Ohun kan náà, “je mangeais”, ló lò lẹ́ẹ̀mejì: lókè, ó túmọ̀ sí pé mo máa ń jẹun, nísàlẹ̀, ó túmọ̀ sí pé mo ń jẹun lọ́wọ́. Faransé fi aṣọ kan náà wọ àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé “would eat” fún ìṣe ojoojúmọ́, á sì sọ pé “was eating” fún èyí tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan já lù ú. Ṣùgbọ́n Tísà Theo ti fi “was” pẹ̀lú “-ing” di gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni di igi: I was parking, I was eating, I was sleeping. Oorun tí ọkùnrin ń sùn lálaalẹ́ ti di oorun alẹ́ kan.

Kò tán síbẹ̀. “J’ai entendu”, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó parí, ó ti kọ ọ́ pé “I have heard”. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi “have” ròyìn ohun tó ti ní ọjọ́ tirẹ̀, tó ti kọjá lọ. “I heard” ni. Mo gbọ́. Ó tán.

Tísà Theo fi ọwọ́ bo iwájú orí. Kì í ṣe ìwé kan yìí ló ń rò. Pátákó ló ń rò, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn ọmọ tí ń kọrin. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé bí wọ́n bá ní kó dìde láti lọ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ́fẹ̀ẹ́, á ní kí wọ́n gbé e wá.

“Haleemah, ṣí ojú ìwé tuntun.”

“Ó ti ṣí.”

Wọn kò ṣe é bí ìṣe wọn. Ṣéhù á sọ ọ́ ní Yorùbá, Tísà á fi ìka sí i nínú Faransé, á béèrè pé, “Lẹ́ẹ̀kan ni, àbí o máa ń ṣe é, àbí ó ń lọ lọ́wọ́?” Ìgbà tó bá gbọ́ èsì ló tó mú Gẹ̀ẹ́sì. “I drove that road twice a month,” kò nílò “would” níbẹ̀, nítorí “twice a month” ti sọ fún ẹni tó ń kà á pé ìṣe tó máa ń wáyé ni. “In the evening I would park the truck in front of the post, eat, and then sleep in the cab. That evening I was eating when I heard a noise. I left my plate, ran, and saw two men unloading the bales. I shouted. They fled with two bales.”

Haleemah kà á fún wọn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá bó ti ń lọ. Ṣéhù ní, “Ẹnu mi gan-an nìyẹn.” Bùsírátù ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kíákíá, kó mú un lọ.

“Kò ní ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Tísà wí. “Òǹtẹ̀ mi ló wà lórí ti àkọ́kọ́. Bí ìwọ bá mú òmíràn lọ, wọ́n á ní o rà á ni. Èmi ni màá lọ.”

“Bàbá, ẹsẹ̀ yín?”

“Ṣé ẹsẹ̀ ló kọ ọ́?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ṣéhù àti Bùsírátù fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ilé-iṣẹ́ náà. Máníjà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni Tòkunbọ̀, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bó ṣe rí Tísà Theo, ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà.

“Sà! Tísà wa! Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní JS Two.”

“Mo mọ̀ ọ́. O máa ń jẹ ẹ̀pà nínú kíláàsì.”

“Ẹ̀pà kọ́, sà, róbó ni.” Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó rí Ṣéhù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín náà wọlé padà.

Tísà gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò tọ́, pé èyí ló tọ́. Tòkunbọ̀ ka àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó yí ojú pa dà sí Faransé, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan.

“Sà, ẹ má bínú. ‘Je dormais’. Imparfait kọ́ nìyí? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. *Imparfait, was àti -ing.*” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ lórin. “Ẹ nà mí lẹ́gba mẹ́fà lórí rẹ̀, sà. N kò tíì gbàgbé. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni mo fi pàásì.”

Ṣéhù wo Tísà, Bùsírátù náà wò ó. Yàrá náà gbóná, fáànù ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn.

“Mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀,” ni Tísà wí.

“Ṣé ẹ ti wá yí i padà ni, sà? Nítorí Ṣéhù? Bí àwọn ọ̀gá bá bi mí pé kí ló dé tí ìwé yí padà ní ọjọ́ tí a fẹ́ lé ọkùnrin náà, kí ni màá sọ?”

“Sọ pé olùkọ́ rẹ kọ́ yín ní ìdajì.” Tísà Theo fa Faransé náà sọ́dọ̀. “Wò ó, Tòkunbọ̀. Gbàgbé òǹtẹ̀. Ka ‘le soir’ fún mi. Kí ni?”

“Ìrọ̀lẹ́.”

“Ìrọ̀lẹ́ wo?”

Tòkunbọ̀ tún un wò. “Kò sọ.”

“Kò sọ, nítorí gbogbo rẹ̀ ni. Bí a bá ní ‘lọ́jọ́ Àìkú, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì’, ọjọ́ Àìkú wo ni? Wá ka ti ìsàlẹ̀. ‘Ce soir-là’.”

“Ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ìrọ̀lẹ́ kan.” Ìka Tòkunbọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín gbólóhùn méjèèjì. “Nítorí náà oorun wà ní ti gbogbo ìrọ̀lẹ́... Kò sí oorun ní ti ìrọ̀lẹ́ yẹn rárá.”

“Oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ nìkan.”

“Ṣùgbọ́n ‘mangeais’ kan náà ni, sà.”

“Òun kan náà ni. Èdè wọn nìyẹn. Ohun tó yí i ká ló ń sọ èyí tó jẹ́. Èmi ni n kò wo ohun tó yí i ká. Mo ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, gbólóhùn kejì ń pariwo pé irọ́ ni àkọ́kọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọkùnrin yìí kò purọ́ fún ọ. Èmi ni mo fi irọ́ sí i lẹ́nu.”

Tòkunbọ̀ fi ẹ̀yìn ti àga. Ó yíjú sí Ṣéhù. Ó béèrè ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ máa ń dé. Ṣéhù ní aago mẹ́jọ, pé ìgbà náà ni òun máa ń lọ sùn. Ó béèrè ìgbà tí olè wá. Ṣéhù ní kò tíì tó méje ààbọ̀, pé ọlọ́pàá kọ aago náà sí òkè ìwé. Tòkunbọ̀ wò ó, ó wà níbẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí. “N kò ní fún un ní ìwé ìlékúrò lónìí. Ṣùgbọ́n sà, n kò lè fi ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́ kí n wá dákẹ́. Méjèèjì á wà nínú fáìlì. Ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́ pé ẹ ṣì í. Kí ẹ sì gbé òǹtẹ̀ lé e.”

Bùsírátù mí kanlẹ̀. Ṣéhù ní, “Ọ̀gá, bàbá àgbà ni wọ́n—”

“Dákẹ́, Ṣéhù,” ni Tísà wí. “Fún mi ní báírò.”

Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tí àwọn ọmọ máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà kan ń tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà: pé ìtumọ̀ òkè yìí kò tọ́, pé ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe, pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé òun sùn. Ó fọwọ́ sí i. Ó yọ òǹtẹ̀ nínú àpò, ó mí sí i kí yíǹkì rẹ̀ lè rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Tòkunbọ̀ gba ìwé, ó tẹ fóònù, ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó parí, ó ní kí Ṣéhù wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bùsírátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

“Tísà, Ọlọ́run á—”

“Dìde, ìyá Tawheed. Ẹni tó ti èèyàn sí kòtò, tó wá nawọ́ fà á, ṣé ọpẹ́ ló yẹ ká dá fún un?”

Tòkunbọ̀ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí Tísà má bínú, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá ní láti ìsinsìnyí lọ, Èkó ni kí òun máa fi ìwé Faransé ránṣẹ́ sí.

“Wọ́n ṣe dáadáa,” ni Tísà wí.

“Sà, ṣé kí n sọ fún àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì? Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́ ọmọ báyìí.”

Tísà Theo dúró. Ó jọ pé ìbéèrè yẹn ló gba okun tó kù lára rẹ̀. “Sọ fún wọn,” ló wí. “Sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé náà tán.”

Kẹ̀kẹ́ kò tíì dé. Àga pákó kan wà lábẹ́ igi níwájú ilé-iṣẹ́ náà, Tísà Theo jókòó síbẹ̀, ó di ojú. Ṣéhù dúró tì í lójú oòrùn kí òjìji rẹ̀ lè bò ó, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí bàbá lè sinmi.